Ìforúkọsílẹ̀ àdírẹ́sì ní Berlin: kí ni mo máa fi Jámánì sọ níwájú òṣìṣẹ́?

Títílọpẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní Jámánì. Mo dé Berlin ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án fún ẹ̀kọ́ másítà. Mo kọ́kọ́ sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi fún ọjọ́ mẹ́fà, kí n tó kó wọ yàrá tèmi ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá. Ará Gánà kan ló gba ilé náà lọ́wọ́ onílé, òun ló fún mi ní yàrá kan nínú rẹ̀. Mo ti rí àyè ní Bürgeramt, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń forúkọ àdírẹ́sì sílẹ̀, fún Túsìdeè, ọjọ́ 15, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Jámánì tí mo gbọ́ kò tíì pọ̀ rárá. Kí ni wọ́n máa bi mí, báwo ni mo sì ṣe máa dáhùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Spandau
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù àti ìwé àdéhùn yàrá rẹ ti tó. Tí o bá ti jókòó, sọ pé *Ich möchte mich anmelden*, kó ìwé rẹ lé tábìlì, ó parí. Èmi ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ ní 2013. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìyá Kọ́láwọlé
Káàbọ̀, ọmọ mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú, bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn ló rí ní 2013 lóòótọ́, àmọ́ òfin ti yí. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 2015 ni òfin ìforúkọsílẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, òun ló mú ìwé kan padà tí wọ́n ti pa tì: ìwé tí ẹni tó fún ọ nílé fi ń jẹ́rìí pé o ti kó wọlé. *Wohnungsgeberbestätigung* ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Lórí fọ́ọ̀mù Berlin, *Einzugsbestätigung des Wohnungsgebers* lo máa rí, ìwé kan náà ni. Ìwé àdéhùn yàrá kò lè rọ́pò rẹ̀. Mo ti bá àwọn èèyàn wa jókòó níwájú òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó ìwé àdéhùn tó nípọn wá láìsí ewé kan ṣoṣo yìí, ńṣe ni wọ́n padà sílé lọ wá ọjọ́ mìíràn.

Nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ, ará Gánà yẹn ló máa fọwọ́ sí i, kì í ṣe onílé, torí òun ló fún ọ ní yàrá. Ṣùgbọ́n orúkọ onílé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí o tó kúrò nílé, wo ọjọ́ tó kọ sí i. Ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ìyẹn ọjọ́ tí o kó wọlé, kì í ṣe ọjọ́ tí o bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ yẹn náà ni ọ̀sẹ̀ méjì tí òfin fún ọ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ 15 dára, kò tíì kọjá.

Ó yá, mo kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ nígbà tí o gba àyè lo máa rí lójú bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú nọ́ńbà tábìlì tí o máa lọ. Kankùn, wọlé.

Ìwọ: *Guten Morgen. Ich habe einen Termin um neun Uhr zwölf.*
Òṣìṣẹ́: *Guten Morgen. Nehmen Sie Platz. Was kann ich für Sie tun?*
Ìwọ: *Ich bin neu in Berlin und möchte mich anmelden.*
Òṣìṣẹ́: *Haben Sie Ihren Pass und die Wohnungsgeberbestätigung dabei?*
Ìwọ: *Ja, hier bitte. Das Formular habe ich schon ausgefüllt.*

Òun ń kí ọ, ó ní kí o jókòó, ó bi ọ́ pé kí lo fẹ́. Ìwọ ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Berlin, o fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ó béèrè pásípọ́ọ̀tù àti ìwé ẹlẹ́rìí yẹn, o kó wọn fún un, o ní o ti kọ fọ́ọ̀mù tán. Títí dé ibí, kò sí ìyọnu. Ibi tí etí ti máa ń daru nìyí:

Òṣìṣẹ́: *Wann sind Sie eingezogen?*
Ìwọ: *Am vierten Oktober.*
Òṣìṣẹ́: *Und wann sind Sie nach Deutschland eingereist?*
Ìwọ: *Am achtundzwanzigsten September.*

Gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì dáadáa. *Eingezogen* ni pé o kó wọlé. *Eingereist* ni pé o wọ ìlú. Orí wọn jọra, *ein* ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì, etí tí kò tíì mọ̀ ọ́n sì máa ń gbá èyí tó kọ́kọ́ gbọ́ mú. Ìdí ọ̀rọ̀ ni kí o tẹ́tí sí. Tí o bá gbọ́ *zogen*, tí wọ́n ń pe z rẹ̀ bíi ts, ilé ni wọ́n ń sọ. Tí o bá gbọ́ *reist*, ìrìn-àjò ni. Bí o bá dáhùn 28 oṣù kẹsàn-án sí ìbéèrè àkọ́kọ́, kò ní bá ọjọ́ inú ìwé mu, òṣìṣẹ́ á sì dúró bi ọ́ pé níbo lo wà láàárín ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ yìí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ Jámánì rẹ kò tíì tó àlàyé yẹn.

Mo ń bọ̀ wá parí rẹ̀, omi ń hó lórí iná.

Dépò láti Manchester
Ṣé owó ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lóṣooṣù lẹ ń sọ? Níbí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti máa ń ṣe é, a kì í lọ jókòó níwájú ẹnikẹ́ni. Ẹ ò kàn kọ lẹ́tà sí wọn?

Ìyá Kọ́láwọlé
Rárá, Dépò, ọ̀rọ̀ owó ilé kọ́. Ní Jámánì, olúkúlùkù ni ìjọba máa ń kọ ibi tó ń gbé sílẹ̀ lórúkọ-lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ì báà jẹ́ àlejò. Bí o bá kó láti àdúgbò kan sí òmíràn, o tún máa lọ sọ. Ẹni tó jẹ́ pé òkè òkun ló ti wá, tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ bíi Títílọpẹ́, ó dára kó yọjú fúnra rẹ̀ pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù.

Ó dáa, a tẹ̀ síwájú.

Òṣìṣẹ́: *Ist das Ihre einzige Wohnung in Deutschland?*
Ìwọ: *Ja, das ist meine einzige Wohnung.*
Òṣìṣẹ́: *Wie ist Ihr Familienstand?*
Ìwọ: *Ledig.*

Ó bi ọ́ bóyá o tún ní ilé mìíràn ní Jámánì, o ní èyí nìkan ni. Ó bi ọ́ bóyá o ti lọ́kọ. *Ledig* ni ẹni tí kò tíì ṣègbéyàwó rí. *Verheiratet* ni ẹni tó wà nílé ọkọ tàbí tó láya. Má sọ *Single* o. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́kùnrin ni, kò sí nínú fọ́ọ̀mù.

Wọ́n sì lè bi ọ́ ní nọ́ńbà ilé. Bí ilé rẹ bá jẹ́ 47, *siebenundvierzig* ni: eéje ló ń ṣáájú, ogójì tẹ̀ lé e. Àwa tí a ń pe 47 ní mẹ́tàdínláàádọ́ta kò yẹ kí èyí dẹ́rù bà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí òṣìṣẹ́ bá pe nọ́ńbà fún ọ, ọwọ́ rẹ á ti kọ 7 kí o tó gbọ́ ogójì, o sì máa kọ 74. Dúró kó pè é tán kí o tó fi bírò kan ìwé.

Gbólóhùn tó sì wúlò ju gbogbo ìyókù lọ ni *Könnten Sie das bitte aufschreiben?* O ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ. Bí o bá ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun kan náà lá tún sọ, á kàn gbóhùn sókè. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọ́ sílẹ̀, o lè wò ó nínú ìwé atúmọ̀ lórí fóònù rẹ.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì tí Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ: àwọn kan máa ń fi dá èèyàn lóhùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ èdè Jámánì ni èdè iṣẹ́ ìjọba nínú òfin, kò sí ẹni tó di dandan fún láti sọ èdè mìíràn. O lè mú ẹni tó gbọ́ Jámánì dání. Kí o wọlé kí o sì sọ pé *Das ist eine Freundin. Darf sie für mich übersetzen?*

Bàbá Ìbejì
Ẹ kú àlàyé, Ìyá Kọ́láwọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ó dùn mí títí di òní. Ìlú kékeré kan ní àríwá ni mo ti forúkọ sílẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tẹ̀wé jáde, ó ní kí n wò ó kí n fọwọ́ sí i. Ojú ń tì mí láti jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn mi dúró pẹ́, mo kàn fọwọ́ sí i. Wọ́n ti gbé orúkọ bàbá mi sí ibi orúkọ tèmi, wọ́n sì gbé orúkọ tèmi sí ibi orúkọ ìdílé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà nọ́ńbà owó orí dé ní ìdàkudà bẹ́ẹ̀. Ibi iṣẹ́ ní orúkọ ò bá pásípọ́ọ̀tù mu. Báńkì náà ní bẹ́ẹ̀. Mo padà sí ọ́fíìsì yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó tún un ṣe, oṣù àkọ́kọ́ ni wọ́n sì fi gé owó orí mi ní ìlọ́po.

Títílọpẹ́, orúkọ Yorùbá ń da àwọn èèyàn wọ̀nyí lójú rú, wọn ò mọ èyí tó jẹ́ ti ilé nínú Adéwálé àti Babátúndé. Ka ìwé yẹn lẹ́tà-lẹ́tà, kódà kí gbogbo yàrá máa wò ọ́.

Ìyàwó mi tó dé lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí àwọn ìbejì ni wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. A ò mú wọn dání, wọ́n dá wa padà.

Ìyá Kọ́láwọlé
Bàbá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yín gan-an ni mo fẹ́ kan, ibi tó gba sùúrù jù nìyẹn.

Òṣìṣẹ́: *Bitte prüfen Sie Ihre Daten und unterschreiben Sie hier.*
Ìwọ: *Einen Moment bitte, ich lese das in Ruhe.*

O ń sọ pé kó dúró dè ọ́ díẹ̀, o fẹ́ fara balẹ̀ kà á. Kò sí ẹni tó máa bínú. Gbé pásípọ́ọ̀tù rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, fi ìka tẹ̀ lé e: orúkọ ìdílé tí wọ́n kọ *Familienname* sí, orúkọ tìrẹ tí wọ́n kọ *Vornamen* sí, ọjọ́ ìbí, ìlú tí wọ́n bí ọ sí, ọjọ́ tí o kó wọlé. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ ọjọ́, oṣù tẹ̀ lé e, ọdún kẹ́yìn. Bí ohun kan bá ṣì wọ́n:

Ìwọ: *Entschuldigung, hier ist ein Fehler. Das ist mein Vorname, und das ist mein Familienname.*

Fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan bí o ṣe ń sọ ọ́. Lójú ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú kan ló máa fi tún un ṣe. Tí o bá ti jáde, ọjọ́ àdéhùn mìíràn ni.

Títílọpẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọlọ́run á bá yín tọ́jú Kọ́láwọlé. Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ sí bébà. Ohun kan ṣẹ́kù: lórí fọ́ọ̀mù, wọ́n béèrè ẹ̀sìn. Ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni mí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ pé n kò lẹ́sìn, torí owó. Ara mi kọ̀ ọ́ láti sẹ́ Ọlọ́run nínú ìwé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Spandau
Kọ ọ́ pé o ò lẹ́sìn, àbúrò. Bí o bá kọ Kristẹni, wọ́n máa gé e lára owó rẹ.

Ìyá Kọ́láwọlé
Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe bóyá o gba Ọlọ́run gbọ́. Ohun tí ìjọba fẹ́ mọ̀ ni bóyá o wà nínú ìjọ tí ìjọba ń bá gba owó orí ìjọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, àgàgà Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì ti Jámánì. Ìjọ Sẹ̀lẹ́ kò sí lára wọn. Nítorí náà òótọ́ ni kí o sọ:

Òṣìṣẹ́: *Gehören Sie einer Religionsgemeinschaft an?*
Ìwọ: *Ich bin Christin, aber nicht katholisch und nicht evangelisch.*

O ti sọ pé Kristẹni ni ọ́, o sì ti sọ èyí tó kàn án. Òun fúnra rẹ̀ á mọ ohun tó máa tẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ṣèrìbọmi fún nínú ìjọ Kátólíìkì ni ọ̀rọ̀ kàn gidi. Ní Berlin, owó yẹn jẹ́ ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí, kì í ṣe ti owó oṣù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò san owó orí kankan, òfo ni tirẹ̀.

Àǹtí Rẹ̀mí
Kátólíìkì ni mí, mo kọ ọ́, mo ń san án. Mo rí àwọn tó ń kọ pé àwọn kò sí nínú ìjọ, tí wọ́n sì ń gba ara Olúwa lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi Ìyá Kọ́láwọlé ni ti ọkọ mi tó jẹ́ Áńgílíkà. Òṣìṣẹ́ kan kọ *evangelisch* fún un, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú mìíràn ò sì san kọ́bọ̀. Èwo ló tọ̀nà?

Ìyá Kọ́láwọlé
Mo ti rí i ní ọ̀nà méjèèjì, Àǹtí Rẹ̀mí. Pásítọ̀ ìjọ Áńgílíkà níbí ló yẹ kí ọkọ yín kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó orí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Spandau
Ìyá Kọ́láwọlé, mo gbà lórí ti ìwé onílé, n kò mọ̀ pé wọ́n ti yí i. Lórí ti ẹ̀sìn, mo ṣì dúró lórí tèmi. Akẹ́kọ̀ọ́ òní lòṣìṣẹ́ ọ̀la, ohun tó kọ lónìí ni wọ́n máa fi gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la.

Ìyá Kọ́láwọlé
Títílọpẹ́, èyí tó kẹ́yìn kí n tó sùn. Lẹ́yìn tí o bá ti fọwọ́ sí i:

Òṣìṣẹ́: *So, das ist Ihre Anmeldebestätigung. Die Steuer-ID kommt mit der Post.*
Ìwọ: *Vielen Dank. Auf Wiedersehen.*

Má kọ́kọ́ dìde. Ìwé tó fún ọ yẹn ni báńkì àti iléèwé máa béèrè, ọ̀fẹ́ sì ni. Nọ́ńbà owó orí, olójú mọ́kànlá, inú lẹ́tà ló máa bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ ò bá sí lára àpótí lẹ́tà, ẹni tó ń pín lẹ́tà kò ní fi í síbẹ̀, á dá a padà ni. Lálẹ́ òní, kọ orúkọ ìdílé rẹ sí bébà kékeré, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí náà lábẹ́ ti ará Gánà yẹn. Bẹ̀ ẹ́ kí o tó lẹ̀ ẹ́.

Lẹ́tà owó rédíò àti tẹlifíṣàn náà máa dé, 18,36 yúrò lóṣù. Ilé kan, owó kan ni. Bí ẹni tí ẹ jọ ń gbé bá ti ń san án, gba nọ́ńbà tirẹ̀ kí o fi dá wọn lóhùn. Má kàn ju lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Títílọpẹ́
Ẹ káàsán, ẹ̀yin ará mi. Mo ti ibẹ̀ dé. Obìnrin àgbà kan ni wọ́n gbé mi fún, ó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè kejì, ó kọ́kọ́ bi mí ní *eingereist*. Mo ti fẹ́ sọ ọjọ́ 4, ni mo rántí ìdí ọ̀rọ̀ tí Ìyá Kọ́láwọlé sọ. Mo dákẹ́ díẹ̀, mo sọ 28, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wá bi mí ní *eingezogen*, mo sọ ọjọ́ 4, ó wo ìwé ará Gánà, ó mi orí.

Ti ẹ̀sìn, mo sọ gbólóhùn yẹn bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó ní *Also sonstige*, ìyẹn ni pé ìjọ mìíràn, ó tẹ nǹkan, ó tẹ̀ síwájú.

Nígbà tó tẹ ìwé jáde, mo gbé pásípọ́ọ̀tù mi tì í. Orúkọ mi pé, ìlú tí wọ́n bí mi ni wọn ò kọ dáadáa. Ó yẹ kó jẹ́ Ìlọrin, wọ́n kọ Ilorn. Mo ní *hier ist ein Fehler*, mo fi ìka kàn án. Ó ní *Ach, Moment*, ó fi lẹ́tà i sínú, ó tún tẹ òmíràn jáde.

Ohun kan ni kò yé mi. Bí mo ṣe ń dìde, ó bi mí ní ohun kan tó ní *Briefkasten* nínú, mo kàn ní *Ja*. Ṣé àpótí lẹ́tà ló ń sọ?

Bàbá Ìbejì
Òun ni. Ó ń bi ọ́ bóyá orúkọ rẹ wà lára rẹ̀. Ṣó wà níbẹ̀?

Títílọpẹ́
Ó wà níbẹ̀, sà. Mo lẹ̀ ẹ́ lálẹ́ àná.